Iṣẹ́ àdúgbò ti gba gbogbo àkópọ̀ orí síífì mi: kí ni mo máa yọ, kí ni mo máa fi sílẹ̀?

ÌyáÌbejì_Sùúrùlérè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Mo ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó ní Àpápá, mo sì ń wá ipò tó ga díẹ̀ sí i ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Àwọn gbólóhùn mélòó kan tó máa ń wà lókè síífì, lábẹ́ orúkọ, ni mo fẹ́ tún ṣe. Mi ò fẹ́ pa iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún àdúgbò tì, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí èèyàn. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n pè mí sí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kẹ́yìn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ọjọ́ mélòó ni ẹgbẹ́ ń gbà lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ la sọ títí, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dé orí iṣẹ́ Àpápá kí wọ́n tó ní kí n máa lọ.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, mo kàn sọ ọ́ di Yorùbá fún yín:

> Ọmọ àdúgbò tó fi ọkàn sin ìlú ni mí. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa ní Sùúrùlérè, mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, mo sì ń bá Rẹ́dì Kírọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ láìgbowó. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní ìrírí ọdún 11 nínú ìṣirò owó. Mo tún ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tó ń pín oúnjẹ inú agolo ní Àpápá.

Báwo ni mo ṣe máa mẹ́nu ba iṣẹ́ àdúgbò tí kò fi ní bo iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún mi lé lórí?

---

Ọmọ_Èbúté_Mẹ́ta

Àǹtí, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Mi ò sọ ọ́ láti bú yín o. Agbanisíṣẹ́ Èkó kò ráyè. Iṣẹ́ tí kò sí owó-oṣù nínú rẹ̀, àfikún ni lójú wọn. Ẹ kó wọn lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ fẹ́ràn láti máa ṣe, kí òkè jẹ́ ti Àpápá nìkan. Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyẹn, wọ́n sì ń pè mí dáadáa.

---

Bàbá_Ìdí_Àràbà

Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mo ti jẹ́ alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò rí, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ. Àkópọ̀ yẹn kéré jù. Níbo ni iye owó tí ẹ gbà fún gọ́tà wà? Níbo ni ti geeti àti ti àwọn ọdẹ wà? Akápò gbọ́dọ̀ kọ owó tó wọlé, owó tó jáde àti èyí tó kù ní báńkì, kí alága buwọ́ lù ú kí wọ́n tó kà á sétí ìpàdé. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ Àpápá síbẹ̀, àwọn ará àdúgbò á bi yín pé kí ló kàn wọ́n.

---

ÌyáÌbejì_Sùúrùlérè

Ẹ ṣeun sà, ẹ kú àbójútó. Kì í ṣe ìròyìn ọdún ẹgbẹ́ ni mò ń kọ o, sà. Síífì tí mo fẹ́ fi wáṣẹ́ ni. Ti ìròyìn ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ la ṣe ń ṣe é.

---

Agbanisíṣẹ́_Yàbá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, mà. Iṣẹ́ kí a máa ka síífì, kí a máa yan àwọn tí a ó pè, ni mò ń ṣe, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Kí n tó sọ ohunkóhun, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín. Kí ni ìpolówó iṣẹ́ Ìkẹjà yẹn béèrè gan-an? Kí ni ẹ ń ṣe gẹ́gẹ́ bí akápò, láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀? Ọdún 11 yẹn ńkọ́, báwo lẹ ṣe ṣírò rẹ̀?

---

ÌyáÌbejì_Sùúrùlérè

Ẹ ṣeun, mà.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n tẹnu mọ́. Àkọ́kọ́, ẹni tó ti tọ́jú àkáǹtì oníbàárà fún ọdún 5 ó kéré tán. Èkejì, ẹni tó lè fi ìwé báńkì wé ìwé ilé-iṣẹ́ lóṣooṣù. Ẹ̀kẹta, ẹni tó máa bójú tó akọ̀wé owó kékeré mẹ́ta.

Ní Àpápá, láti 2018, àkáǹtì oníbàárà 140 ló wà lọ́wọ́ mi. Èmi náà ni mo ń fi ìwé báńkì wé tiwa. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni lábẹ́ mi níbẹ̀.

Ní ti ẹgbẹ́, láti 2021 ni mo ti jẹ́ akápò. Agbowó mẹ́fà la ní, olúkúlùkù pẹ̀lú àwọn òpópónà tirẹ̀. Èmi ni mo ń pín ìwé rìsíìtì fún wọn. Tó bá di Sátidé, wọ́n á kó owó wá, mo á fi ìwé rìsíìtì wé owó tó wà nílẹ̀ kí n tó buwọ́ lù ú. Tí owó ẹnìkan bá dín, èmi ni mo ń pè é jókòó. Mo ti gba ìwé rìsíìtì lọ́wọ́ ẹnìkan rí, mo sì fi òpópónà rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ọdún 11: ọdún 7 ti Àpápá àti ọdún 4 ti akápò ni mo pa pọ̀.

---

Agbanisíṣẹ́_Yàbá

Ó ti yé mi wàyí. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yẹn, torí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń béèrè ìbéèrè ni èmi máa ń jókòó sí.

Ẹni tó ń ṣa síífì, orúkọ iṣẹ́ tó jọ ti inú ìpolówó ni ojú rẹ̀ ń wá. Bó bá ti rí i, á wá kà á dáadáa. Bí kò bá tètè rí i, ohun tó kọ́kọ́ bá pàdé ló máa fi mọ ẹni náà. Tiyín kọ́kọ́ sọ pé ọmọ àdúgbò ni yín, ó ní akápò, ó ní akọ̀wé, ó ní Rẹ́dì Kírọ́ọ̀sì, ó tún ní ẹ̀kọ́ Sátidé. Gbólóhùn tó kẹ́yìn pátápátá ni Àpápá, ẹ sì fi “mo tún” bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá kà á dé ibẹ̀ ti gbà pé ẹgbẹ́ ni iṣẹ́ yín gan-an, pé Àpápá lẹ fi ń kún un. Ìdí tí wọ́n fi bi yín pé ọjọ́ mélòó nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ẹ ò ní máa sí lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ fi gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ nìkan han ẹni tí kò mọ̀ yín rárá, kí ẹ gbà á padà, kí ẹ wá bi í pé kí ni wọ́n ń sanwó fún yín láti ṣe. Bí kò bá lè sọ ọ́, àkópọ̀ náà kò tíì ṣe tán.

Ọ̀rọ̀ ọdún 11 ló ká mi lára jù. Ọdún akápò kò tẹ̀ lé ọdún Àpápá, inú rẹ̀ ló wà. Láti 2021 ni ẹ ti ń ṣe méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá wo àwọn ọjọ́ tí ẹ kọ sísàlẹ̀ síífì á rí ọdún 7, á wá máa ro ibi tí 4 tó kù ti wá. Irú iyèméjì bẹ́ẹ̀ kò dára fún ẹnikẹ́ni, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ẹni tó ń wá iṣẹ́ ìṣirò owó. Iye ọdún tí ẹ máa kọ sókè, ti iṣẹ́ olówó-oṣù nìkan ni kó jẹ́. Ọdún 7 pọ̀ tó, 5 ni wọ́n béèrè. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọdún akápò, ẹ kọ “láti 2021” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó dá dúró.

Èwo wá ni kó wọlé nínú iṣẹ́ àdúgbò? Ẹ gbé ìpolówó ka iwájú, kí ẹ bi ara yín níkọ̀ọ̀kan pé kí ni wọ́n béèrè tí Àpápá kò lè fi hàn. Àpápá ti jẹ́rìí sí àkáǹtì oníbàárà, ó ti jẹ́rìí sí ìwé báńkì. Èyí tí kò lè jẹ́rìí sí ni bíbójútó èèyàn. Ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ akápò yín ti lágbára, pẹ̀lú agbowó mẹ́fà àti àyẹ̀wò rìsíìtì ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi iṣẹ́ àdúgbò lẹ ibi tí aṣọ ti ya nìkan, ẹ má fi rán gbogbo aṣọ.

Akápò wọlé, àwọn mẹ́ta yòókù kúrò lókè. Ẹ ò ní jù wọ́n nù o. Ẹ fún wọn ní orí tiwọn lẹ́yìn orí ìrírí iṣẹ́, kí ẹ pe orí náà ní Iṣẹ́ Àdúgbò, ìlà kan tàbí méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ gbìyànjú kí ẹ tún un kọ, kí ẹ fi hàn wá. Gbólóhùn mẹ́rin ti tó, kí mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti Àpápá.

---

Ọmọ_Èbúté_Mẹ́ta

Mo gbà pé kí gbólóhùn kan dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bíbójútó èèyàn yẹn kò tíì wọ̀ mí létí. Agbowó ẹgbẹ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́. Àǹtí kò lè dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́, kò lè kọ ìwé ìkìlọ̀ fún wọn, kì í san owó wọn. Bí ó bá kọ ọ́ pé òun ń darí èèyàn mẹ́fà, tí wọ́n wá bi í nípa ìsinmi, àyẹ̀wò iṣẹ́ ọdún àti owó-oṣù, kí ló fẹ́ sọ?

---

Agbanisíṣẹ́_Yàbá

Òótọ́ lẹ sọ. Torí ẹ̀ náà ni kò ṣe gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé “òṣìṣẹ́ mẹ́fà wà lábẹ́ mi”. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe ni kó kọ. Ó ń pín iṣẹ́ fún agbowó mẹ́fà, ó ń yẹ rìsíìtì wọn wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń yanjú owó tó bá dín. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Akọ̀wé owó kékeré mẹ́ta ní Ìkẹjà, irú àbójútó yẹn náà ni wọ́n máa nílò lójoojúmọ́. Tí wọ́n bá bi í nípa ìwé ìkìlọ̀ àti ìsinmi, kó sọ pé òun kò tíì ṣe ìyẹn.

Kí ẹ sì kọ “láìgbowó” síbẹ̀ kedere. Mo ti rí àwọn tó fi í pamọ́, tí ó wá hàn nígbà tí a fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ wọn lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́. Ẹni tí à bá gbà síṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n a ò wá mọ èyí tó tún fi pamọ́ nínú ìyókù.

---

Bàbá_Ìdí_Àràbà

Ó ti wá yé mi báyìí, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ alága yín nísinsìnyí tí ẹ ṣì wà lórí oyè. Kó wà lórí ìwé tó ní orúkọ ẹgbẹ́ lórí, kó sọ ipò yín, ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí ẹ ń ṣe. Bí alága bá yí padà, ẹni tuntun lè má mọ̀ yín. Mo ti kọ irú rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa. Ohun tó sì máa ń bà á jẹ́ ni pé ọdún inú lẹ́tà kì í bá ti inú ìwé tí wọ́n fi wáṣẹ́ mu. Ẹ jẹ́ kí alága rí ohun tí ẹ kọ kó tó buwọ́ lùwé.

Àwọn tí ẹgbẹ́ yàn láti yẹ ìwé owó wò ńkọ́? Bí wọ́n bá ń yẹ tiyín wò lọ́dọọdún, ẹ sọ ọ́. Owó tí ẹlòmíràn ti yẹ̀ wò lágbára ju owó tí akápò fẹnu ara rẹ̀ ròyìn lọ.

---

ÌyáÌbejì_Sùúrùlérè

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo oṣù Kejìlá. Mi ò tiẹ̀ rò ó pé mo lè fi ìyẹn síbẹ̀.

---

Yéwándé_Yàbá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí a sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ayé o. Àjọ aláàánú kan ni mo ń bá ṣiṣẹ́ níbí, lórí ọ̀rọ̀ ìlera àwọn abiyamọ. Nígbà tí mo wáṣẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí mo ti ṣe ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni mo fi ṣíwájú. Iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún mi nígbà náà ni títa ṣíìmù fóònù. Bí mo bá fi ṣíìmù ṣíwájú, ta ni ì bá pè mí? Ní ọ̀dọ̀ tiwa, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kì í ṣe àfikún.

---

Agbanisíṣẹ́_Yàbá

Yéwándé, a jọ gbà. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tìrẹ ló jọ iṣẹ́ tí o ń wá, nítorí náà òun ló yẹ kó ṣíwájú. Ti Ìyá Ìbejì yàtọ̀ torí iṣẹ́ olówó-oṣù tirẹ̀ ló jọ èyí tó ń wá. Bí ó bá jẹ́ Rẹ́dì Kírọ́ọ̀sì ló ń polówó iṣẹ́ akáńtáǹtì, mi ò ní ní kó yọ ìlà Rẹ́dì Kírọ́ọ̀sì kúrò lókè. Síbẹ̀, iṣẹ́ Àpápá náà ni gbólóhùn àkọ́kọ́ máa jẹ́, torí akáńtáǹtì ni wọ́n ń wá.

Ìbéèrè kan, àbúrò: ṣé o kọ ọ́ síbẹ̀ pé o ń ta ṣíìmù ní gbogbo ìgbà yẹn?

---

Yéwándé_Yàbá

Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìdajì gbólóhùn ni mo fún un, pẹ̀lú ọdún rẹ̀. Wọ́n bi mí nípa rẹ̀, mo sì ṣàlàyé pé ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí mo ṣe lè bá ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ mi sọ̀rọ̀.

---

Ẹ̀gbọ́n_Múṣin

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ilé-ìwé girama ni wọ́n fi í sí. Lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, ó máa ń bá ẹgbẹ́ síídíẹ́ẹ̀sì rẹ̀ lọ kọ́ àwọn èèyàn ní ọjà nípa ìmọ́tótó. Ó kọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ sókè síífì pé òun ní ọdún kan iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún àdúgbò. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

---

Ọmọ_Èbúté_Mẹ́ta

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Èyí mo mọ̀ dáadáa, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Ohun méjì ló dà pọ̀ mọ́ra wọn. Ilé-ìwé tí wọ́n fi í sí, iṣẹ́ gidi ni. Ó ń lọ síbẹ̀ láti Ajé dé Ẹtì yàtọ̀ sí ọjọ́ síídíẹ́ẹ̀sì, ìjọba sì ń fún un ní aláwìí. Orí ìrírí iṣẹ́ ni kó kọ ọ́ sí, kó pe ara rẹ̀ ní olùkọ́ àgùnbánirọ̀, kó sọ kíláàsì tó kọ́ àti iṣẹ́ tó kọ́ wọn. Síídíẹ́ẹ̀sì nìkan ni iṣẹ́ àdúgbò. Bó ṣe pa wọ́n pọ̀ yẹn, ọdún kan tó fi ṣe olùkọ́ ló sọ nù.

Ní ti àkópọ̀ òkè, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú rẹ̀, kó kan olùkọ́. Síídíẹ́ẹ̀sì ò nílò ju ìdajì gbólóhùn lọ, àfi tó bá ń wá iṣẹ́ ìlera.

---

Ẹ̀gbọ́n_Múṣin

Ó yé mi. Ẹ̀kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn ló kà, bayọ́lọ́jì ló sì kọ́ wọn ní kíláàsì àgbà. Màá sọ fún un.

---

Oníkọpẹrétífù_Òkè_Àrìn

Tèmi ló yàtọ̀ sí ti gbogbo yín, ẹ gbà mí. Báńkì ni mo ti ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń dá oníbàárà lóhùn, láti 2013 sí 2019. Mo kúrò láti tọ́jú àwọn ọmọ. Láti 2020 ni mo ti jẹ́ akọ̀wé kọpẹrétífù àwọn obìnrin oníṣòwò ní Erékùṣù Èkó. A kì í gba owó-oṣù. Owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń fún mi lóṣooṣù. Mo fẹ́ padà sí iṣẹ́ báńkì. Bí mo bá fi báńkì ṣíwájú, wọ́n á ní ó ti pẹ́. Bí mo bá fi kọpẹrétífù ṣíwájú, wọ́n á ní n kò ní iṣẹ́. Èwo ni kí n ṣe?

---

Agbanisíṣẹ́_Yàbá

Owó ọkọ̀ kì í ṣe owó-oṣù, nítorí náà ẹ má pè é ní iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún. Èmi á fi báńkì ṣíwájú, pẹ̀lú ọdún rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí, torí báńkì ló ń gbà yín. Gbólóhùn kejì ni kọpẹrétífù. Ẹ sọ iye ọmọ ẹgbẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ ń gba ìwé ẹ̀yáwó, tí ẹ ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni náà lè san án padà, ẹ sọ ìyẹn náà. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń kà á á rí i pé ẹ ò jìnnà sí ọ̀rọ̀ owó láti 2020 wá. Tiyín máa gba àyè ju ti Ìyá Ìbejì lọ, ó lè tó ìdajì àkópọ̀, torí òun ló wà láàárín ìgbà tí ẹ kúrò ní báńkì àti òní.

---

Yéwándé_Yàbá

Ẹ jọ̀ọ́, mà, èmi ò gbà pẹ̀lú yín níbí. Ohun tí ènìyàn ń ṣe lónìí ló yẹ kó ṣíwájú. Bí gbólóhùn àkọ́kọ́ bá parí sí 2019, ẹni tó ń kà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún tó ti kọjá. Kó kọ ọ́ pé akọ̀wé kọpẹrétífù tó ti ṣiṣẹ́ báńkì fún ọdún 6 ni òun, kí méjèèjì wà nínú gbólóhùn kan ṣoṣo.

---

Agbanisíṣẹ́_Yàbá

Ìyẹn náà lè ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kí ẹni tó ń ṣà á dúró lórí “akọ̀wé kọpẹrétífù”, kó má dé “báńkì”. Oníkọpẹrétífù, ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí báńkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ wo èyí tí wọ́n á pè yín lé lórí. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé tèmi ló dára jù fún yín.

---

Ọmọ_Èbúté_Mẹ́ta

Ẹ má gbàgbé ojú ìwé LinkedIn o. Àyè tó wà nínú About níbẹ̀ tó 2,600 lẹ́tà, torí ẹ̀ làwọn èèyàn ṣe ń rọ́ gbogbo ẹgbẹ́ wọn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà díẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ló máa ń hàn kí ẹni náà tó tẹ “see more”, ọ̀pọ̀ ò sì ní tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ olówó-oṣù ni kó wà nínú àwọn ìlà tó hàn yẹn. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní àyè tirẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n pè é ní Volunteering, ẹ lè kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ láìfún ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

---

ÌyáÌbejì_Sùúrùlérè

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun. Mo ti jókòó tì í lálẹ́ yìí. Ẹ wò ó:

> Òṣìṣẹ́ ìṣirò owó tó ti lo ọdún 7 ní ẹ̀ka owó ilé-iṣẹ́ tó ń pín oúnjẹ inú agolo ní Àpápá. Mò ń tọ́jú àkáǹtì oníbàárà 140, láti ìgbà tí wọ́n bá ti gba ọjà títí wọ́n á fi sanwó. Èmi ni mo ń fi ìwé báńkì wé ìwé ilé-iṣẹ́ lóṣooṣù. Gẹ́gẹ́ bí akápò aláìgbowó fún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò láti 2021, mò ń darí àwọn èèyàn púpọ̀, mo sì ń rí i pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé.

---

Agbanisíṣẹ́_Yàbá

Mẹ́ta àkọ́kọ́ dára gan-an. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Ẹ̀kẹrin ló ṣófo. “Àwọn èèyàn púpọ̀” kò sọ nǹkan kan, “gbogbo nǹkan ń lọ déédéé” kò sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ lẹ ti sọ fún wa lókè. Àpápá ní iye àti oṣù nínú tirẹ̀. Bí ti ẹgbẹ́ kò bá ní, ẹni tó ń kà á á rò pé oyè lásán ni. Mo dábàá báyìí:

> Gẹ́gẹ́ bí akápò aláìgbowó fún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò láti 2021, mò ń pín iṣẹ́ fún agbowó 6, mo ń yẹ rìsíìtì wọn wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn tí ẹgbẹ́ yàn sì ń yẹ ìwé owó náà wò lọ́dọọdún.

Kò ju gbólóhùn kan lọ síbẹ̀, Àpápá ní mẹ́ta, ó sì ṣíwájú. Tí wọ́n bá tún bi yín pé ọjọ́ mélòó, ẹ ti mọ̀ pé Sátidé ni. Ẹ lè fi “ní òpin ọ̀sẹ̀” kún un bí àyè bá gbà.

---

ÌyáÌbejì_Sùúrùlérè

Mo ti fi sí i. Màá kó Rẹ́dì Kírọ́ọ̀sì àti ẹ̀kọ́ Sátidé lọ sísàlẹ̀. Ti ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, mo rò pé màá yọ ọ́ pátápátá, torí ìwé ìpàdé nìkan ni mò ń kọ níbẹ̀.

Dúró ná, ẹ̀kọ́ Sátidé àti gbígba owó ẹgbẹ́ jọ bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Ṣé kò ní dà bíi pé mò ń parọ́ àkókò?

---

Agbanisíṣẹ́_Yàbá

Aago mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan?

---

ÌyáÌbejì_Sùúrùlérè

Ẹ̀kọ́ jẹ́ láti aago 9 sí 11 àárọ̀. Àwọn agbowó máa ń dé ní aago 4 ìrọ̀lẹ́.

---

Agbanisíṣẹ́_Yàbá

Kò sí wàhálà nígbà náà. Ẹ kọ “àárọ̀ Sátidé” sí ti ẹ̀kọ́ nísàlẹ̀.

---

Ẹ̀gbọ́n_Múṣin

Kí ẹ tó lọ, mà. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí ńkọ́? Ìyàwó mi ló ń bójú tó ètò oúnjẹ fún àwọn aláìní ní ìjọ wa, èèyàn púpọ̀ ni wọ́n ń bọ́ lóṣù, iṣẹ́ ilé oúnjẹ ló sì ń wá. Ṣé kó dárúkọ ìjọ náà lókè?

---

Agbanisíṣẹ́_Yàbá

Èmi á kọ iṣẹ́ náà láìdárúkọ ìjọ: ó ń ṣètò oúnjẹ fún iye èèyàn báyìí lóṣooṣù nínú ètò aláàánú. Orúkọ ìjọ lè wà nísàlẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń kà á ni yóò jẹ́ ẹlẹ́sìn kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

---

Bàbá_Ìdí_Àràbà

Èmi ò fara mọ́ ìyẹn. Ibi tí ènìyàn ti ṣiṣẹ́ ló ti ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ wádìí rẹ̀ wò, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n fẹ́ lọ? Kó dárúkọ ìjọ, ẹni tí kò bá fẹ́ kó má pè é.

---

Ẹ̀gbọ́n_Múṣin

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ṣeun. Màá bi òun fúnra rẹ̀ léèrè èyí tó fẹ́. Iye èèyàn tí wọ́n ń bọ́ gan-an ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí dájú, ìwé tí wọ́n fi ń pín oúnjẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.